Òòfà Àárọ̀ Ọyẹ́

Òòfà kúárì tó wà láàrin Osi àti Koro di ọwọ́ ọ̀tún Naheem mú ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nígbà ọyẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti pa iná rẹ̀, lẹ́yìn tí Naheem sì ti gba àdúrà tí wọ́n ní kó gbà, tó parí rẹ̀.

Ìbídùnní ló ní kí wọ́n máa gba àdúrà náà. Òun ló ń tọ́jú iná ní kúárì. Kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kankan fún un. Ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ní Osi ló ti kọ́ ọ, níbi tí wọ́n ti ń tú ẹ̀rọ ìlọta tó jóná, tí wọ́n ń yọ wáyà inú rẹ̀, tí wọ́n ń ká tuntun sí i. Nígbà tó kọ́kọ́ dé kúárì, àwọn ọkùnrin ń béèrè bóyá oúnjẹ ló gbé wá tà. Ó tú ẹ̀rọ kan tó ti kú láti ọdún tó kọjá, ó jí i, ó sì lọ fọ ọwọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ìyá Iná.

Òòfà tí à ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí ọmọdé fi ń ṣa abẹ́rẹ́. Ó tóbi tó ilẹ̀kùn, ó nípọn tó àpótí aṣọ, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi gbé e kọ́ sókè bẹ́líìtì tó ń gbé òkúta lọ sí ẹnu ẹ̀rọ tó ń fọ́ ọ. Wáyà ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ká a ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà yí irin ńlá kan po. Tí iná bá ń ṣàn nínú wáyà yẹn, irin náà á di òòfà, gbogbo irin tó bá wà láàrin òkúta á fò sókè, á lẹ̀ mọ́ ọn: eyín kátábílà tó kán, bóòtù, ọ̀pá tí wọ́n fi ń lu ihò sínú àpáta. Ọ̀kan péré nínú wọn tó bá dé ẹnu ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ti bàjẹ́ nìyẹn, gbogbo ènìyàn á sì jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Nítorí náà, tí irin bá ti pọ̀ lábẹ́ òòfà, wọn á dá bẹ́líìtì dúró, wọn á ti òòfà lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, sókè pèpéle irin tóóró kan tí wọ́n fi irin ṣe ọgbà yí ká. Ìbídùnní á pa á láti inú yàrá súìṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle náà. Irin á já bọ́ sílẹ̀. Naheem, tó dúró lórí pèpéle, á fi igi gbá èyí tó bá ṣẹ́ kù.

Ohun tí kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé iná tó wà nínú irú wáyà bẹ́ẹ̀ kì í kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí a bá pa súìṣì. Ó dà bí kẹ̀kẹ́ tó ń sáré bọ̀ láti orí òkè: o lè má wa pẹ́dà mọ́, kẹ̀kẹ́ kò ní torí ìyẹn dúró. Bó ṣe ń sáré tó kí o tó dáwọ́ dúró, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí o dáwọ́ dúró, kó tó máa rọra rẹlẹ̀. Iná yẹn gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà gbà. Tí o kò bá fún un lọ́nà, yóò fipá fò gba inú afẹ́fẹ́ kọjá, yóò jó ẹnu súìṣì, ẹni tó bá sì wà nítòsí yóò rí nǹkan tí kò ní gbàgbé.

Àwọn tó ṣe òòfà náà fún un lọ́nà. Wọ́n fi rẹsísítọ̀ ńlá kan sí i, ohun èlò tí iná máa ń gba inú rẹ̀ kọjá, tí yóò di ooru níbẹ̀. Láàrin ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, mẹ́rin, òòfà ti kú. Ṣùgbọ́n rẹsísítọ̀ náà jóná nínú oṣù Keje. Mánẹ́jà ní òun ti ní kí wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́, kí Ìbídùnní wá nǹkan ṣe sí i ná. Ìbídùnní fi dáyódù sí i. Dáyódù dà bí ilẹ̀kùn tó ń ṣí sí ọ̀nà kan ṣoṣo: tí súìṣì bá wà ní títàn, ó tì, tí wọ́n bá pa súìṣì, ó ṣí, iná inú wáyà á gba ibẹ̀ padà sínú wáyà, á máa yí po títí tí wáyà fúnra rẹ̀ á fi jẹ ẹ́ tán. Súìṣì kò ta iná mọ́. Inú gbogbo wọn dùn. Àmọ́ wáyà nìkan ló kù tó ń jẹ iná náà, òun kò sì yára jẹun. Òòfà wá ń pẹ́ kó tó kú.

Ìbídùnní sọ fún mánẹ́jà. Mánẹ́jà ní kó ní sùúrù. Ìbídùnní wá dúró níwájú míta tó ń wọn iná inú wáyà ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹjọ, ó mú fóònù rẹ̀ láti fi ka àkókò, ó pa súìṣì. Abẹ́rẹ́ míta bẹ̀rẹ̀ láti orí ogún. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ó dé mẹ́wàá, lẹ́yìn mẹ́rin mìíràn ó dé márùn-ún, bẹ́ẹ̀ ló ń dín ní ìdajì ìdajì. Ní ìṣẹ́jú àáyá méjìdínlógún ó dé orí oókan, kò sì sí irin kankan lára òòfà mọ́. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ohun kan náà ló rí.

Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé fóònù dé orí pèpéle nítorí ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta. Aago ọwọ́ náà kò ṣeé dè síbẹ̀, òòfà á bà á jẹ́. Ìbídùnní wá ronú kan àdúrà Bàbá wa. Ó gbà á bí wọ́n ṣe ń gbà á ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tó ń lọ, kò sáré, kò falẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú àáyá. Ó ní kí ẹni tó bá wà lórí pèpéle gba Bàbá wa sókè dé Àmín kó tó nawọ́.

Mùsùlùmí ni Naheem, ọmọ Iloffa. Ìbídùnní sọ fún un pé kó wá èyí tó bá tirẹ̀ mu. Wọ́n gbìyànjú Fátíhà, ṣùgbọ́n bí Naheem bá sáré kà á lónìí, á fà á lọ́la, kò dúró sójú kan. Naheem ní òun á kúkú kọ́ Bàbá wa, pé ohun tí a kò mọ̀ dunjú ni a kì í sáré kà. Ilésanmí, ọ̀gá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí bẹ́líìtì, ń bi í lójoojúmọ́ pé ọjọ́ wo ni wọn yóò rì í bọmi. Naheem á ní kí ṣọ́ọ̀ṣì kọ́kọ́ wá aṣọ tó máa gbà á ná, ẹni tó ga bí igi àgbọn. Ìyàwó rẹ̀, Misturah, wá bá Ìbídùnní lọ́jà lọ́jọ́ kan, ó ní ọkọ òun ń gba àdúrà onígbàgbọ́ lójú oorun, pé kí Àǹtí jọ̀ọ́, kí wọ́n má fi ìyẹn yọ òun lẹ́nu lọ́dọ̀ ìyá ọkọ òun. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín títí.

Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, irin ti máa ń wálẹ̀ tán kí Naheem tó dé Àmín. Iṣẹ́ tó bá ń lọ dáadáa, ta ni yóò tún padà lọ wò ó?

Ọyẹ́ wá dé. Ọjọ́ Ajé yẹn, òtútù mú débi pé àwọn òṣìṣẹ́ fi aṣọ wé orí wá. Òòfà ti wà ní pípa láti ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n tàn án ní aago méje. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń tó ọ̀sán kí wọ́n tó nílò láti gbá a. Lọ́jọ́ yẹn, kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí Ilésanmí fi pariwo pé irin pọ̀ jù. Wọ́n dá bẹ́líìtì dúró, wọ́n ti òòfà lọ sókè pèpéle. Ìbídùnní pa á.

Ó gbọ́ ohùn Naheem láti inú yàrá súìṣì. Ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́ bí irin ṣe ń já bọ́ lákọ̀ọ́kọ́, gbàù, gbàù, bóòtù tẹ̀ lé e, tí àdúrà kò sì dúró. Ó gbọ́ Àmín.

Ọ̀pá kan ṣẹ́ kù. Ọ̀pá ìlùhò ni, ó gùn tó apá ènìyàn. Orí rẹ̀ kan lẹ̀ mọ́ òòfà, orí kejì rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀. Naheem fi igi gbá a, kò bọ́. Ó gbé igi sílẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ àárín ọ̀pá àti òòfà, ó gbé ọ̀pá náà sókè díẹ̀ kó lè yí i kúrò lára òòfà, bí ènìyàn ṣe ń yí ilá kúrò lára igi rẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Bí ó ti gbé e sókè, gbogbo gígùn ọ̀pá náà súnmọ́ òòfà, irin tó bá sì súnmọ́ ọn ló ń fà jù. Ọ̀pá náà fò mọ́ ojú òòfà pẹ̀lú ìka Naheem láàrin.

Kò pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ́kọ́ ní, "Ẹ pa á." Lẹ́yìn náà ló wá pariwo.

Ìbídùnní ti jáde síta. Ó wo súìṣì kó tó jáde: pípa ni. Kò sí ohun tó kù láti pa. Ohun tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Naheem dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lókè bí ti ẹni tó ń búra, kò lè wálẹ̀, kò lè gòkè. Ọgbà irin wà lẹ́yìn rẹ̀, òòfà wà níwájú. Àwọn méjì ń fa ọ̀pá náà, wọn kò rí i yọ.

Ilésanmí fò dé pẹ̀lú àáké tí wọ́n fi ń gé igi. Ó sáré lọ sídìí wáyà dúdú tó nípọn tó ti inú yàrá súìṣì wọ inú òòfà lọ. Ìbídùnní rí ohun tó fẹ́ ṣe. Ó rọ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

"Fi mí sílẹ̀, Ìyá Iná. Kí n gé e kúrò."

"Tí ẹ bá gé e, iná yẹn á gba ara yín kọjá. Bọ̀dá, irin lẹ dúró lé."

"O ti pa á ná. Iná wo ló wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀. Ó ń kú lọ. Ẹ jẹ́ kó kú."

"Ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ ló wà níbẹ̀."

Kò fi í sílẹ̀. Ó di ọwọ́ náà mú bí òòfà ṣe di ti Naheem mú. Ó ń wo Naheem, Naheem sì ń wò ó, ojú rẹ̀ kò ṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ọ̀pá náà já bọ́ fúnra rẹ̀, ó dún lórí pèpéle, ọwọ́ Naheem sì wálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn tó wà níbẹ̀ ní ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìbídùnní mọ̀ pé kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìndínlógún lọ. Kò sí ẹni tó fẹ́ gbọ́.

Wọ́n fi ọkọ̀ kúárì gbé Naheem lọ sí Ilọrin, lójú ọ̀nà tó kún fún kòtò. Wọ́n gé ìka mẹ́ta, àwọn mẹ́ta àárín. Dókítà sọ fún wọn pé ìgbà tí ọ̀pá kọ́kọ́ gbá wọn mọ́ òòfà ni egungun ti rún, pé bó pẹ́ bó yá lórí òòfà, ìyẹn kọ́ ló pa wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ yẹn tó dé Iloffa, ọ̀rọ̀ mìíràn ti débẹ̀. Misturah dúró sẹ́nu géètì kúárì ní ìrọ̀lẹ́, ó ń dúró de Ìbídùnní.

"Wọ́n ní ẹ di Bọ̀dá Ilésanmí mú. Wọ́n ní ẹ dúró ṣọ́ òòfà."

Ìbídùnní fẹ́ ṣàlàyé. Ó wo obìnrin náà, ó rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ kan nípa wáyà tó lè wọ etí rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mo dì í mú." Misturah tutọ́ sílẹ̀, ó lọ.

Ní òru, kò sùn. Ẹ̀rù méjì ló há a mọ́. Bí Naheem bá parí àdúrà, òṣùwọ̀n òun ló ṣìnà. Bí òṣùwọ̀n òun kò bá ṣìnà, Naheem kò parí àdúrà, òun sì ti gbọ́ Àmín pẹ̀lú etí ara òun.

Ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì ó ti dé kúárì. Wọ́n ṣì dá iṣẹ́ dúró, kò sí ẹnikẹ́ni lórí pèpéle. Ó tan òòfà, ó wo míta. Abẹ́rẹ́ kò dúró lórí ogún. Ó lọ sórí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Ó jókòó sórí àpótí. Ó mọ ohun tó rí. Wáyà tó tutù kì í dí iná lọ́nà bí èyí tó gbóná. Gbogbo ẹni tó bá ti tún ẹ̀rọ iná ṣe mọ̀ ọ́n. Ọ̀sán oṣù Kẹjọ ló ti wọn òòfà, lẹ́yìn tó ti ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, tí wáyà inú rẹ̀ ti gbóná tó fi lè jó ènìyàn lọ́wọ́. Láti oṣù Kẹjọ, wọn kò gbá a rí kó tó gbóná, àfi àná. Àná, láti mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni iná ti bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ibi tó wà nígbà tí a pa á ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, kò mọ àdúrà, kò mọ ohun tó ṣe nígbà kan rí.

Ó pa súìṣì, ó mú fóònù. Ìdajì àkọ́kọ́ kò gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, ó gbà tó márùn-ún àti ààbọ̀. Wáyà tí kò dí iná lọ́nà ni kì í tètè jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí ogún ìṣẹ́jú àáyá pé, níbi tí Àmín wà, abẹ́rẹ́ ṣì wà lókè méjì dáadáa. Ó tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kó tó kan oókan, ọ̀pá tó bá sì lẹ̀ mọ́ òòfà ní gbogbo gígùn rẹ̀ á tún pẹ́ ju ìyẹn lọ kó tó bọ́. Agbára òòfà sì ń tẹ̀ lé iná lọ́nà líle: tí iná bá jẹ́ ìlọ́po méjì, fífà rẹ̀ á tó ìlọ́po mẹ́rin. Ìṣẹ́jú àáyá méje tó wà láàrin Àmín àti oókan ló gba ìka mẹ́ta.

Mánẹ́jà pè é ní ọ̀sán. Ìwé ti wà lórí tábìlì, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ó ní pé Naheem kò gba àdúrà tí wọ́n fọwọ́ sí, pé tirẹ̀ tó kúrú ló kà, ó sì nawọ́ ṣáájú àkókò. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ fún orúkọ Ìbídùnní. Mánẹ́jà sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní ìwé náà yóò gbà á là, òun náà ní ọmọ nílé. Ó ní ta ló gbọ́ ohun tí Mùsùlùmí kà lórí pèpéle pẹ̀lú ariwo òkúta?

"Wọ́n ti dá bẹ́líìtì dúró," ni Ìbídùnní wí. "Kò sí ariwo. Mo gbọ́ ọ."

Mánẹ́jà ní tó bá jẹ́ pé Naheem parí àdúrà, ta wá ni ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀. Ìbídùnní mọ̀ pé ìbéèrè yẹn dà bí ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n há òun mọ́, àti pé láti ìta ni wọ́n ti tì í. Tó bá fọwọ́ sí ìwé náà, yóò bọ́, wọn yóò sì ti Naheem mọ́ inú yàrá náà pẹ̀lú ọwọ́ tí kò pé mọ́. Wọn yóò ní aláìgbọràn ni, wọn kò ní tọ́jú rẹ̀ mọ́.

Ó béèrè fún ọjọ́ kan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, kí òòfà tó gbóná, ó pe Ilésanmí àti gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí bẹ́líìtì. Ó ránṣẹ́ pe mánẹ́jà, ìyẹn dé pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Ó mú ọ̀pá yẹn gan-an, ó fi orí rẹ̀ kan mọ́ òòfà, ó ní kí gbogbo wọn kúrò lórí pèpéle. Ó pa súìṣì, ó ní kí Ilésanmí gba Bàbá wa. Ilésanmí bọ́ fìlà, ó gbà á bí alàgbà, kò sáré. Ó ṣe Àmín. Ọ̀pá náà ṣì ń rọ̀ lókè. Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wò ó. Nígbà tó já bọ́, ọkùnrin kan fò sẹ́yìn.

Wọ́n tan òòfà padà, wọ́n fi sílẹ̀ títí di aago méjì ọ̀sán. Wọ́n tún un ṣe. Àdúrà kò tíì parí tí ọ̀pá fi wà nílẹ̀.

Ilésanmí wo àáké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó wo wáyà dúdú náà. Ó ní, "Ọmọ yẹn gbà á tán, kó tó nawọ́."

"Ó gbà á tán," ni Ìbídùnní wí. "Èmi ni mi ò wọn àárọ̀."

Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, ó fọwọ́ sí i, Ilésanmí náà fọwọ́ sí i. Kúárì gbà láti tọ́jú Naheem. Wọ́n dá Ìbídùnní dúró lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Rẹsísítọ̀ tí wọ́n ti ń retí láti oṣù Keje dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹlòmíràn ló dè é.

Ó di oṣù Kẹta kí Ìbídùnní tó lè lọ sí Iloffa. Misturah ṣílẹ̀kùn fún un, kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbé àga fún un. Naheem jáde wá. Ó ti sanra díẹ̀. Ó kí i, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún pamọ́ sínú àpò.

"Àǹtí, mo parí rẹ̀, àbí?"

"O parí rẹ̀."

Ó mi orí. Misturah gbé iyán dé, ó gbé ti òun àti Ìbídùnní síwájú, ó sì gbé ti Naheem lọ́tọ̀ sínú abọ́ kékeré. Àtàǹpàkò àti ìka kékeré tó ṣẹ́ kù kò lè gé òkèlè kó dúró. Ọwọ́ òsì ló kù, ta sì ni yóò fi ọwọ́ òsì jẹun níwájú àlejò? Naheem gbé abọ́ rẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ó lọ sẹ́yìn ilé, ó kọjú sí ògiri, ó sì ń dá jẹun.